Orúkọ Tí Màámi Kì Í Pè

Mo rántí ìgbà tí ẹ̀rù ìwé ń bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù ìdánwò o. Ìwé ìtàn àròsọ kan ṣoṣo ni, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, olùkọ́ Yorùbá wa ló yá mi pé kí n máa kà á nígbà ọlidé. Ní Ìgbẹ́ìn ni ilé wa wà, ilé ńlá àwọn mùsùlùmí oníṣòwò, tí kálukú máa ń gba ìsọ̀ rẹ̀ lọ bí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán. Abọ́ ike àti ìkòkò ni Màámi ń tà. Ó mọ kéwú kà dáadáa, ṣùgbọ́n kò mọ ìwé Yorùbá kà, nítorí náà bí ọjà bá ti dá, èmi ni mo máa ń kàwé fún un. Á jókòó sórí àpótí, á máa nu eruku ara abọ́, á ní, "Adúmáadán, ọkọ mi, ó yá, ibo la bá a dé lánàá?"

Bó ṣe ń pè mí nìyẹn. Àwọn àbúrò mi ọkùnrin, orúkọ wọn gan-an ló ń pè, bí wọ́n bá sì ṣe ohun tí kò dáa, a fi ìpàṣán bá wọn wí. Kò fọwọ́ kan èmi rí. Mo gbà pé èmi ló fẹ́ràn jù, mo sì ń yan fanda láàárín wọn bí ẹni tó ni ilé. Ẹ wo ọmọ yẹn!

Ọmọbìnrin kan ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn inú ìwé náà. Lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ tí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé kan ń bi àwọn àgbà ìyàwó ilé pé ta ni kí òun máa pè lórúkọ, ta ni kí òun má pè. Wọ́n ní, "Ọmọ tó o bá bá nílé, ọkọ rẹ ni, ì báà jẹ́ àná ni wọ́n bí i. O ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Wá orúkọ mìíràn tó dùn fún un. Èyí tí wọ́n bá bí lẹ́yìn tó o dé, pè é bó ṣe wù ọ́." Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun sí mi. Gbogbo ìyàwó ilé wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, etí mi sì ti gbọ́ ọ débi pé n kì í gbọ́ ọ mọ́. Àfi ìgbà tí mo kà á nínú ìwé. Ìlà tó tẹ̀ lé e ni ọmọ náà ti bi ara rẹ̀ pé, "Kí ló wá dé tí ìyá mi náà kì í fi pè mí lórúkọ?"

Oòrùn ń ta sórí páànù ìsọ̀, síbẹ̀ òtútù mú mi. Màámi ò nu abọ́ mọ́.

"Kí ló dé tó o dákẹ́, ọkọ mi?"

"Ọ̀fun mi ló gbẹ, Mà."

Mo mumi, mo tẹjú mọ́ ìwé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun ìtàn tèmi. Mo ní ọmọ náà lọ sódò, ó pàdé àgbọ̀nrín, àgbọ̀nrín bẹ̀rẹ̀ sí í fún un nímọ̀ràn lórí ẹ̀kọ́ ilé. Màámi kàn ń wò mí.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gbádùn. Mo ń wo imú mi nínú dígí, mo ń wá imú Màámi níbẹ̀. Mo rántí ìyá àgbà kan tó máa ń wá láti abúlé lẹ́yìn Òṣíẹ̀lẹ̀ lọ́dọọdún, tí yóò gbé iṣu tuntun wá fún wa. Wọ́n ń bọ òrìṣà nílé tiwọn, a kì í sì í ṣe ìbátan wọn, bí mo ṣe rò. Ṣùgbọ́n Màámi a kúnlẹ̀ kí i títí, ìyá náà a fọwọ́ pa mí lórí, omi a lé sójú rẹ̀. Mo ti máa ń sá fún un. Iṣu tuntun sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bó bá jẹ́ pé èmi ló ń wá mú ńkọ́? Bàbá mi fẹ́ràn òwe kan, pé ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Mo ti ń bá wọn rẹ́rìn-ín sí òwe yẹn tipẹ́, ṣé ọmọ ẹlòmíràn wá ni mí? N kò sì lè ka ìwé náà parí níkọ̀kọ̀, nítorí mo ti gbà lọ́kàn mi pé bí wọ́n bá lé ọmọ inú rẹ̀ jáde, wọ́n á lé èmi náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo tún wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ àgbọ̀nrín nígbà tí Màámi gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Adúmáadán, láti ìjẹta lo ti ń kàwé, o ò tíì ṣí ojú ewé kan."

Ẹkún gbọ̀n mí. "Ẹ̀rù ló ń bà mí, Màámi."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ka ohun tó wà níbẹ̀."

Mo ṣí i. Háà! Ọmọbìnrin yẹn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Láti ìdajì ìwé ni òǹkọ̀wé ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tó gbé e fún ìyá, ìyá sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní apá ti ọmọ, nígbà tí èéyi mú un, ìyá náà kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ látàárọ̀ dalẹ́ ni, kò wọlé. Mo ti bú u dáadáa nígbà tí mo kà á. Ní apá ti ìyá, àwọn ará ilé ti sọ fún un pé bí ọmọ tí ìyá tó bí i ti kú yìí bá kú mọ́ ọn lọ́wọ́, òun ló pa á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè wọlé, kò sì lè fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kan náà, ọjọ́ kan náà. Ìtìjú bá mi níwájú obìnrin inú ìwé lásán.

Ìgbà tí mo gbójú sókè, omijé ti bo ojú Màámi.

"Ṣé ẹni tó kọ ìwé yìí mọ̀ mí ni?" Ó fi ìborùn nu ojú. "Kò pẹ́ tí ìyá rẹ bí ọ ló kú. O ò tíì rìn nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé. Ìyá tó ń gbé iṣu wá, òun ló bí ìyá rẹ. Bàbá rẹ ní ká má sọ, kí o má baà rí ara rẹ bí àlejò. Bí mo bá nà ọ́, wọ́n á ní nítorí pé n kò bí ọ ni. Ojoojúmọ́ lẹ̀rù ń bà mí pé ìwọ náà á wí bẹ́ẹ̀, o ó sì palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́."

Èmi rò pé wọ́n á lé mi, òun rò pé màá lọ. A di ara wa mú láàárín ìkòkò àti abọ́, oníbàárà kan dé, ó wò wá, ó yà lọ sí ìsọ̀ kejì. Nígbà tí iṣu tuntun dé, n kò sá. Mo kúnlẹ̀, ìyá àgbà náà sì pè mí lórúkọ, lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni ń tọ́ ọ wò.

Mo ti ka ìwé púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Èyí tí èèpo rẹ̀ ti ya yẹn ló kọ́ mi pé ìdajì ìtàn ni ọmọ ń mọ̀ nínú ilé, pé ẹni tí mo rò pé ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí kò fẹ́ wọlé tọ̀ mí, lè jẹ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Títí dòní, bí àwọn èèyàn mi bá ṣẹ̀ mí, mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó bínú, bí ẹni tí ń retí apá kejì. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni mo máa ń rántí o.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ara Màámi ò yá, mo wá láti Ewékorò, mo gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀rù àtijọ́ yẹn náà ló tún bà mí, pé mo fẹ́ pàdánù rẹ̀. Nọ́ọ̀sì bèèrè pé, "Màmá, ta lẹ bá wá?"

"Ọmọ mi ni."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Màámi wò mí, ó tún wo nọ́ọ̀sì. "Ẹ bi í. Ọkọ mi ni, mi ò gbọdọ̀ pè é."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Màmá, èwo ni ká mú níbẹ̀? Ọmọ yín ni, àbí ọkọ yín?"

Màámi nawọ́, ó di ọwọ́ mi mú.

"Mo bá a nílé ni," ó ní. "Òun ló gbà mí sílé."