Sílàìdì Kẹsàn-án

Bàbá mi kò fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Ojú tí kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́ ni mo jogún lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo gba iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ omi ní Ìlarò, ní ọdún bíi méjì lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, mo kó ojú náà dání lọ síbẹ̀. Ọ̀gá mi ni mo sì fi ń wò jù.

Kànga ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni a lè gbẹ́ lọ́dún yẹn, abúlé méjì ló sì ń retí rẹ̀. Ọ̀kan wà lọ́nà Ìpókíá, èkejì wà lápá Jọ́gà. A ti gbẹ́ ihò ìdánwò sí abúlé méjèèjì. Àárọ̀ ni a máa ń tan ẹ̀rọ tó ń fa omi, a ó sì máa wọn bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀ nínú ihò títí di ìrọ̀lẹ́. Ìgbìmọ̀ kan ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta tí yóò gbọ́ àlàyé wa, tí yóò sì mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Ìyàwó ọ̀gá mi, ọmọ abúlé ọ̀nà Ìpókíá ni. Mo ti mọ ìyẹn kí n tó mọ ibi tí wọ́n ń kó bíírò ilé iṣẹ́ sí.

Sílàìdì ni a fẹ́ fi ṣe àlàyé náà, àwọn fọ́tò kéékèèké tí wọ́n fi páálí yí etí wọn ká. Inú àwo rìbìtì kan tó ní ihò tóóró-tóóró ni a ń tò wọ́n sí, nọ́ńbà wà lára ihò kọ̀ọ̀kan. Bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì, ọ̀kan á bọ́ síwájú iná, àwòrán rẹ̀ á sì yọ lára ògiri. Ihò kìíní dé ìkẹrìnlá ni àlàyé gan-an. Ìkẹẹ̀ẹ́dógún kò ní àwòrán, páálí dúdú ni a fi dí i. Àfikún ló kù lẹ́yìn páálí yẹn, a kì í sì í dé ibẹ̀ àfi bí ẹnìkan bá béèrè ọ̀rọ̀.

“Ohun tí o bá fi síwájú,” ni ọ̀gá mi máa ń wí, “o ti fi ẹnu ara rẹ jẹ́rìí sí i. Èyí tó wà lẹ́yìn, ìdáhùn ni. Jẹ́ kó dúró de ìbéèrè rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ku ọjọ́ kan kí ìgbìmọ̀ dé, ọ̀gá mi yọ sílàìdì kẹsàn-án kúrò níwájú, wọ́n sì tì í bọ ihò kọkàndínlógún. Sílàìdì yẹn ni àwòrán ìlà tó fi hàn bí omi abúlé ọ̀nà Ìpókíá ṣe lọ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò. Ìlà náà kò dára rárá, ó já wálẹ̀ ni, àmì pé omi ibẹ̀ kò tó. Fọ́tò àwọn obìnrin abúlé náà tó ru ìkòkò bọ̀ láti odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ti Jọ́gà, ìlà tó tẹ́jú dáadáa, wà níwájú ní ihò kẹjọ, wọn ò fọwọ́ kàn án.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà,” ni mo wí, “kí ló dé tí ti Jọ́gà fi wà níwájú, tí ti èkejì lọ sẹ́yìn?”

“Ti Jọ́gà dá mi lójú. Èkejì yẹn, n ó sọ fún wọn pé a ó tún un dán wò.” Wọ́n wò mí díẹ̀. “Ìwọ lo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣé o ò rí nǹkan kan tí o ò kọ sínú ìwé?”

“Rárá, sà.”

“Ó dáa.”

Inú bí mi. Mo ní wọ́n fẹ́ kí n wá irọ́ kan pa nítorí àwọn àna wọn. Ẹni tó fi ìlà tó burú pamọ́, tó wá fi fọ́tò àwọn obìnrin tó ń jìyà síbẹ̀, kí ló tún kù tí kò lè ṣe? Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo pààrọ̀ ipò sílàìdì méjèèjì: ìlà síwájú, àwọn obìnrin sẹ́yìn. Ọkàn mi balẹ̀. Ká sọ òótọ́, inú mi dùn.

Gbọ̀ngàn ìpàdé ni a ti ṣe é, a fi aṣọ bo fèrèsé. Ọ̀gá mi ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì. Ìkẹjọ yọ, ti Jọ́gà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n sì ti ń wí pé, “Àwọn obìnrin tí ẹ ń wò yìí…” Ìlà ló wà lára ògiri.

Alága ìgbìmọ̀ ló kọ́kọ́ fọhùn.

“Omi ibẹ̀ kò pẹ́ rárá kó tó lọ sílẹ̀.”

“Ìdánwò yẹn kò péye, sà. A ó tún un ṣe. Àwọn obìnrin ń fa omi ní kànga àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìyẹn náà ń fa omi ihò wa sílẹ̀.”

“Ṣé ó wà nínú àkọsílẹ̀?”

“Kò sí níbẹ̀.”

“Ta ló wá sọ fún yín?”

Ọ̀gá mi gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. “Ìyá ìyàwó mi.”

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Alága kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀.

Nínú òkùnkùn yẹn ni mo tó rántí. Ọ̀la ọjọ́ ìdánwò náà ni ọjọ́ ọjà wọn. Gbogbo obìnrin ibẹ̀ ló ń pọn omi tí wọ́n fẹ́ fi rẹ ẹ̀gẹ́ láfún kí wọ́n tó lọ sọ́jà. Mo rí wọn. Ọ̀kan tilẹ̀ bu omi fún mi, mo mu ún, mo sì bá a ṣe yẹ̀yẹ́. N kò kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí n kò mọ̀ pé obìnrin tó ń pọn omi jẹ́ ara ìdánwò. Ohun tí ọ̀gá mi bi mí nìyẹn. Wọn ò lè gbé e síwájú fúnra wọn, torí ẹnu àna wọn ló ti wá. Bí ìlà náà bá wà lẹ́yìn, tí ẹlòmíràn sì béèrè rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á rọrùn láti ṣàlàyé.

Èmi nìkan ni mo lè jẹ́rìí. Bí mo bá dìde, wọn á bi mí ìdí tí n kò fi kọ ọ́, ọ̀gá mi á sì mọ ẹni tó pààrọ̀ sílàìdì. N kò dìde.

Jọ́gà ni wọ́n fún. Nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́, ọ̀gá mi yọ fọ́tò àwọn obìnrin ní ihò kọkàndínlógún, wọ́n gbé e sókè síbi iná, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n nà án sí mi.

“Tọ́jú èyí,” ni wọ́n wí. Wọn ò tún mẹ́nu bà á mọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, àpótí tí wọ́n ń kó àwo sílàìdì sí ní kọ́kọ́rọ́.

A tún ìdánwò náà ṣe lẹ́yìn oṣù kan, a bẹ àwọn obìnrin pé kí wọ́n fi kànga náà sílẹ̀ fún ọjọ́ kan. Ìlà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú bíi ti Jọ́gà. Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ń dúró dè é mọ́.

Lópin ọdún, ìyá ìyàwó ọ̀gá mi wá sí ọ́fíìsì, ó gbé láfún wá fún gbogbo wa torí pé a gbìyànjú. Ó wá sí ìdí tábìlì mi.

“Má wo àwọ̀ rẹ̀, ọmọ mi,” ni ó wí. “Kànga wa ti gbẹ. Omi odò la fi rẹ ẹ́.”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbà á. Mo rò ó nílé lọ́jọ́ náà, mo sì jẹ ẹ́ tán, tòun ti yanrìn inú rẹ̀.