Ìránṣẹ́ Méjì fún Oògùn Kan

Ẹ̀rù tó ba Husseinat lọ́jọ́ Ajé yẹn tó pín kárí gbogbo Runjin Sambo, àdúgbò tó ń gbé, kó sì tún ṣẹ́kù fún àwọn tó ń kọjá lọ. Sókótó ni wọ́n bí i sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ́ èèyàn ní kọ̀ǹpútà. Bàbá rẹ̀, Alhaji Jibril, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ń dá gbé ní àdúgbò Gagi nílùú kan náà, ó sì ní àtọ̀gbẹ.

Ọgbọ̀n ọdún ni Alhaji fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Kalambaina. Bí fèrè iṣẹ́ bá ti dún, ó ti dìde; ẹ fọn ọ́n létí sàréè rẹ̀, á jáde wá. Husseinat wá kọ ètò kékeré kan sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó ń ránṣẹ́ sí fóònù Alhaji láago méje àárọ̀: “Bàbá, ẹ lo oògùn ṣúgà, kí ẹ jẹun.” Alhaji á gbé e mì, á fèsì: “Mo ti lò ó.”

Àmọ́ bí iná bá lọ, kọ̀ǹpútà á kú. Husseinat kọ́kọ́ pàṣẹ fún un pé, bí aago méje bá bá a lójú oorun, kó ránṣẹ́ náà nígbà tó bá jí. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lọ́jọ́ Àìkú, ó gbé ètò náà lọ sórí ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí kò bìkítà bóyá iná wà. Aago ibẹ̀ fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa, Husseinat sì kọ aago mẹ́fà kó lè bọ́ sí méje. Ó ṣiṣẹ́! Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbàgbé láti pa ti inú kọ̀ǹpútà rẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, iná dé ní aago mẹ́sàn-án, Husseinat sì tan kọ̀ǹpútà. Nígbà tó yẹ fóònù rẹ̀ wò, ó rí àtẹ̀jíṣẹ́ méjì tó ti lọ sọ́dọ̀ Alhaji: 7:12, nítorí ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ máa ń pẹ́ díẹ̀, àti 9:04. Lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan: “Mo ti lò ó.”

Ó pè, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó fò sínú kẹ̀kẹ́ márúwá tí Garba ń wà.

“Sáré!”

“Kai, Hajiya! Kẹ̀kẹ́ ni, kì í ṣe bàálù!”

Ní Gagi, Talatu aládùúgbò ti gbé omi ṣúgà dání. Alhaji ń làágùn, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé.

“Sannu, Baba, ẹ mu ún,” ni Talatu ń wí.

“Bàbá, kí ló dé tí ẹ lò ó lẹ́ẹ̀mejì?”

“Fèrè dún lẹ́ẹ̀mejì,” ni Alhaji ráhùn. “Mo rò pé àfikún iṣẹ́ ni. Ìwọ lo fọn ọ́n, àbí?”

Ní ọsibítù, dókítà ní ṣúgà ara Alhaji ti lọ sílẹ̀ jù, ó ṣì lè tún wálẹ̀, kó sùn síbẹ̀, kó má sì lo oògùn náà títí tí òun yóò fi sọ ọ́. Husseinat sáré lọ sílé, ó pa ti inú kọ̀ǹpútà rẹ́, ó sì padà sí ọsibítù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù Alhaji dún: 7:09. Ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ kò mọ ọsibítù. Alhaji ti jókòó, ó ń táràrà wá oògùn lábẹ́ ìrọ̀rí.

Husseinat di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lóhùn.”