Ọ̀kẹ́ Méjì Tí Wọ́n Jẹ Ìyá Alámì

Ọ̀kẹ́ méjì ni Ọ̀gá Atẹ̀wé jẹ Ìyá Alámì. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì, kò lé, kò dín. Ìṣojú mi ni wọ́n ti ṣe àdéhùn náà: irinwó náírà fún ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, igba ojú-ewé, ọ̀kẹ́ mẹ́rin lápapọ̀. Ìdajì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìdajì tí iṣẹ́ bá parí. Èmi ni mo ń di ìwé ní ìsàlẹ̀ ilé tí Ọ̀gá Atẹ̀wé ti ń tẹ̀wé lókè. Ohun tí wọ́n bá tẹ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá kí n gé e, kí n rán an, kí n lẹ èèpo mọ́ ọn. Àjà tó wà láàárín wa kò nípọn. Bí ẹnì kan bá jẹ ẹlòmíràn lówó lókè, mo máa ń gbọ́ kí ẹni tí wọ́n jẹ tó gbọ́.

Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni Ìyá Alámì nígbà náà. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì, ọkọ rẹ̀ sì ti kú. Àwa ara ilé ìtẹ̀wé la sọ ọ́ ní Ìyá Alámì, torí pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: bí wọ́n bá tẹ ìwé Yorùbá láìsí àmì ohùn, láìsí ẹsẹ̀ lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, òun ni wọ́n ń gbé e fún. Ó máa ń sọ pé ìhòòhò ni ìwé bẹ́ẹ̀ ń rìn wọ̀lú, pé òun sì ni télọ̀ rẹ̀.

Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ náà rò pé ńṣe ni èèyàn ń wọ́n àmì sórí ọ̀rọ̀ bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. Mo ti jókòó tì í, mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í fọwọ́ kan lẹ́tà kankan títí tó fi máa ka gbólóhùn náà dé òpin, torí pé ìparí ọ̀rọ̀ ló sábà máa ń sọ ohun tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ẹsẹ̀ abẹ́ lẹ́tà ló kọ́kọ́ máa ń fi sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, á ka gbólóhùn náà sókè, á wá fi àmì òkè síbi tí ohùn bá ti ròkè, àti àmì ìsàlẹ̀ síbi tó bá ti rẹlẹ̀. Ohùn àárín kì í gba nǹkan kan. Orí bébà ló ti ń ṣe é lákọ̀ọ́kọ́ pẹ̀lú gègé pupa, kó tó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Èyí tí kò bá dá a lójú, kì í méfò. Inú ìwé kékeré kan ló ń kọ ọ́ sí, á sì pe ẹni tó ni ìwé lórí fóònù.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ìwé tí mò ń sọ yìí. Ìtọ́jú ọmọ tuntun ló kọ sínú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì bá a tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù láìsí àmì kan ṣoṣo. Ní ojú-ewé kẹtàdínlógún, wọ́n kọ ọ́ pé “ki iya ma fun omo ni omi”. Ìyá Alámì gbé gègé sílẹ̀. Ṣé kí ìyá máa fún un ni, àbí kí ìyá má fún un? Ó lè fi orí ara rẹ̀ pinnu, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ì bá ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n sì lọ sùn. Fóònù ló gbé. Nọ́ọ̀sì ní kí ìyá má fún un ni o, ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì ni òun ń sọ. Irú ibẹ̀ yẹn mẹ́tàlélógún ló wà nínú ìwé náà, ó sì pe Nọ́ọ̀sì lórí gbogbo wọn. Owó ìpè fóònù kò sí nínú irinwó. Mo sọ fún un pé kó fi kún un, ó ní òun kì í ta ìwé bí ẹni ń ta ata.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi ṣe é. Ọjọ́ tó gbé e wá, ó gòkè lọ bá Ọ̀gá Atẹ̀wé, mo sì gbọ́ ohun tó sọ fún un: bí wọ́n bá ti to ìwé náà tán lórí ẹ̀rọ, kí wọ́n tẹ ẹyọ kan ṣoṣo sórí bébà lásán, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun. Òun á kà á, òun á fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú-ewé kọ̀ọ̀kan. Bí òun kò bá tíì fọwọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́. Bí a ti ń ṣe é láti ìgbà tí mo ti wà nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Ìwé àyẹ̀wò là ń pè é. Ọgọ́rùn-ún ewé bébà àti ọjọ́ méjì péré ló ń gbà.

Ọ̀gá Atẹ̀wé kò tẹ ìwé àyẹ̀wò kankan. Ó ń sáré, oníbàárà mìíràn ń dúró dè é, ó sì fẹ́ dá ọgọ́rùn-ún ewé bébà náà sí. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìwé ló tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí wọ́n gbé ẹrù àkọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, mo ṣí ojú-ewé kan kí n tó fi abẹ́ sí i. Àpótí kékeré dúdú ló kún inú ìwé bí egbò. Níbi tí kò bá sí àpótí, àmì ti já bọ́ lórí lẹ́tà tirẹ̀, ó ti lọ gun orí ọmọnìkejì rẹ̀. Mo rán ẹnì kan lọ pe Ọ̀gá Atẹ̀wé. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wò ó, ojú rẹ̀ pọ́n. Kí ó tó padà gòkè ó ti rí ẹni tó máa di ẹ̀bi náà rù: ó ní Ìyá Alámì ló ba iṣẹ́ jẹ́, òun kò ní san ọ̀kẹ́ méjì tó kù, bóyá òun á tiẹ̀ gba èyí tí òun ti san.

Inú bí mi. Ẹni tó bá gbọ́ ìṣirò á gbọ́ ìdí rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ewé ló wà nínú ìwé kan. Ìwé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ewé nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ dá ọgọ́rùn-ún sí ló ba ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta jẹ́, ó wá fẹ́ kí opó san án.

Ìyá Alámì dé lọ́jọ́ kejì, kọ̀ǹpútà rẹ̀ nínú àpò. Nọ́ọ̀sì náà wá, torí pé èmi ni mo pè é. Mi ò tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn. Gbogbo wa dúró yí tábìlì tí mo fi ń gé bébà ká.

“Màmá,” Ọ̀gá Atẹ̀wé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, “ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ohun tí ẹ fún mi nìyí. Àmì lásán ni mo ní kí ẹ fi sí i, ẹ ò kọ ọ̀rọ̀ kan kún un, ẹ sì tún bà á jẹ́.”

Ìyá Alámì fi gíláàsì sójú. Ó ka ojú-ewé kan tán, ó ṣí àwọn yòókù wò.

“Ẹ wo ‘ìyá’,” ó ní. “Ṣé ó pé?”

Ọ̀gá Atẹ̀wé ní ó pé.

“Ẹ wo ‘ilé’. Ẹ wo ‘àárín’. Wọ́n pé. Ẹ wá wo ‘ìtọ́jú’. Ẹ wo ‘ẹ̀jẹ̀’. Ẹ wo ‘iṣẹ́’. Àwọn tó ní ẹsẹ̀ nìkan ló bàjẹ́, láti ojú-ewé kìíní dé igba. Ọ̀gá, ṣé èmi ni mo dájọ́ fún ẹlẹ́sẹ̀, tí mo ní kí aláìlẹ́sẹ̀ máa lọ ní àlàáfíà?”

Mo rẹ́rìn-ín, mi ò lè mú un mọ́ra.

Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìwé náà wà níbẹ̀, gbogbo àmì lórí ìjókòó rẹ̀, gbogbo ẹsẹ̀ lábẹ́ lẹ́tà rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé fọ́ǹtì tí ẹ̀rọ òkè ń lò, ìyẹn àwòrán lẹ́tà tó fi ń tẹ̀wé, ti gbó. Ó mọ á àti è, ṣùgbọ́n kò mọ lẹ́tà tó ní ẹsẹ̀, ká má tiẹ̀ sọ èyí tó ní ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ tó tún ní àmì lórí. Ohun tí kò bá mọ̀, àpótí ló ń fi dípò rẹ̀. Fọ́ǹtì tó mọ̀ ọ́n wà, ọ̀fẹ́ sì ni.

“Ta ló tiẹ̀ ń wo àmì?” Ọ̀gá Atẹ̀wé ní. “Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á kà á bó ti wù kó rí.”

Nọ́ọ̀sì ló dá a lóhùn. Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. “Èmi tí mo kọ ọ́, obìnrin yìí ló pè mí kí àwọn ìyá má bàa fún ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì lómi. Ọ̀gá, níbo ni ìwé àyẹ̀wò tó fọwọ́ sí wà?”

Ọ̀gá Atẹ̀wé wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ó ní àkókò kò sí.

“Owó tó kù tí mo máa san fún yín wà lọ́wọ́ mi,” Nọ́ọ̀sì ní. “Mi ò ní gba ìwé kan ṣoṣo lọ́wọ́ yín láìjẹ́ pé obìnrin yìí fọwọ́ sí igba ojú-ewé náà.”

Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Ìyá Alámì, ó ní òun lè yọ ọ̀kẹ́ méjì náà nínú owó atẹ̀wé, kí òun kà á lé e lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Èmi ì bá ti na ọwọ́. Ìyá Alámì kọ̀. Ó ní Nọ́ọ̀sì kọ́ ló jẹ òun, pé bí òun bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, atẹ̀wé á máa sọ káàkiri pé wọ́n ṣàánú òun ni. Mo bínú sí òun náà lọ́jọ́ yẹn. Owó kò ní ojú, mo sọ fún un. Ó ní òun ní ojú.

Ọ̀gá Atẹ̀wé wá fọ́ǹtì tuntun, ó to ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì tẹ ẹyọ kan ránṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni Ìyá Alámì fi kà á, ó sì fi í wé bébà onígègé pupa rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, torí pé ìlà ti sún. Ó rí àmì mẹ́fà tó ti sọnù, ó dá wọn padà, wọ́n tún wọn ṣe. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ sí ojú-ewé kankan. Ó gbé ìwé náà wá sórí tábìlì mi, ó jókòó tì í.

Ọ̀gá Atẹ̀wé sọ̀ kalẹ̀ wá pẹ̀lú àpò ìwé. Ìyá Alámì ka owó inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì ni. Ó mú gègé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí i, ojú-ewé kan tẹ̀lé òmíràn, títí ó fi dé márùndínnígba. Ó dé gègé.

“Màmá, márùn-ún ló kù.”

“Mo mọ̀.”

“Nítorí ẹgbẹ̀rún méjì?”

“Irinwó ọ̀nà márùn-ún ni.”

Ọ̀gá Atẹ̀wé wò mí bíi pé kí n bá òun bẹ̀ ẹ́. Mo mú gọ́ọ̀mù mi, mò ń lẹ èèpo ìwé ẹlòmíràn. Ó ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó yọ ẹgbẹ̀rún méjì náà, èyí tó gbó ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ìyá Alámì tẹ́ owó náà pẹrẹsẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kà á, ó fọwọ́ sí ojú-ewé márùn-ún náà, ó sì kọ rìsíìtì fún un: ọ̀kẹ́ méjì, ó pé.

Gbèsè ti Ìyá Alámì parí níbẹ̀. Inú tèmi kò tíì rọ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ewé alápótí yẹn ṣì gba odindi igun kan nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì ti béèrè owó àyè lọ́wọ́ Ọ̀gá Atẹ̀wé lẹ́ẹ̀mẹta.