Ọ́ìlì Pupa Nínú Gíà Tí Kò Gbà Á

Ẹni tó bá tún sọ létí mi pé ọ́ìlì kan ò yàtọ̀ sí òmíràn, kó múra ìjà. Abẹ́ igi máńgòrò kan ní Ayétòrò ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún, díẹ̀ ló sì kù kí ọ̀rọ̀ náà gba ọkọ̀ tí mo fi ń gbé bàbá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú mọ́ mi lọ́wọ́.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún Bàbá ní Abẹ́òkúta ni. Awọ funfun ti bò ó pátá, wọ́n sì bá a yọ ọ́. Dókítà ní ká máa mú un wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ títí ojú náà yóò fi jinná, ó sì kìlọ̀ gidigidi: eruku kò gbọ́dọ̀ kàn án. Bọ́ọ̀sì wa ńkọ́? Èyí tí fèrèsé rẹ̀ kì í pa dé, tí eruku pupa ń rọ́ wọ inú rẹ̀ láti ilé dé ọ̀nà? Ọkọ̀ mi nìkan ló kù, tòkunbọ̀ kékeré kan tí mo máa ń ti gbogbo gíláàsì rẹ̀ pa, tí n ó tan ẹ̀rọ amútútù, tí Bàbá yóò sì jókòó bí ọba.

Ẹni tó ń bá mi tún ọkọ̀ ṣe ju èmi lọ ní ọdún mẹ́wàá dáadáa. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é, òun náà ń pè mí ní Àǹtí Tíṣà, nítorí ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló tọ́jú ọkọ̀ onígíà ọwọ́ tí mo kọ́kọ́ ní títí tó fi rẹ̀ ẹ́, n kò sì rí àlébù kan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ ìyẹn kí ẹ má bàa rò pé mo ń bà á jẹ́. Ohun tó ṣe ni mo fẹ́ rò, ní ẹsẹẹsẹ.

Ní Sátidé kan, mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, kó pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan gíà. Òun fúnra rẹ̀ ló fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì gíà jáde, tó gbé e sí oòrùn, tó pòṣé.

"Àǹtí Tíṣà, ẹ wá fojú ara yín rí i. Ọ́ìlì gíà a máa pupa bí omi ìsápá. Ẹ wo tiyín! Bí omi ewé tí wọ́n fọ̀ sínú abọ́. Wọ́n ti lu ẹni tó ta ọkọ̀ yìí fún yín ní jìbìtì, òun náà sì ti lù yín."

Ẹni tí kì í bá ṣe ará ìhà ibí kò ní mọ ìdí tí mo fi gbà á gbọ́. Ẹ̀bá ibodè là ń gbé. Epo inú kẹ́ẹ̀gì là ń rà ní Ẹ̀gùá àti ní Ìwòyè, ẹni tí kò bá sì fi ojú wo àwọ̀ rẹ̀, kó fi imú gbọ́ òórùn rẹ̀, kó fi ìka ra á, ayédèrú ni yóò gbé lọlé. Láti kékeré la ti mọ̀ pé epo tí àwọ̀ rẹ̀ bá yàtọ̀, wọ́n ti bu nǹkan sí i. Ọgbọ́n yẹn ti gbà wá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ olè. Ọgbọ́n yẹn kan náà ló sì mú kí Ẹ̀gbọ́n da ọ́ìlì tí kò ní àbùkù kankan sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó kán díẹ̀ sórí àtàǹpàkò rẹ̀, ó fi ìka ra á. Ó ṣí agolo ọ́ìlì pupa, ó kán ìyẹn sí èmi lọ́wọ́.

"Ẹ ra á. Ó ń yọ̀ àbí kò yọ̀?"

"Ó ń yọ̀."

"Kí ni iṣẹ́ ọ́ìlì láyé, Àǹtí Tíṣà? Ṣebí kó máa yọ̀ ni! Ọ́ìlì ni ọ́ìlì ń jẹ́ jàre."

Ẹ̀kọ́ fíṣíìsì ni mo kà ní yunifásítì. Lọ́dọọdún ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì pé bí kò bá sí ìfarakínra tó ń mú kí ohun méjì di ara wọn mú, ẹsẹ̀ kò lè tẹ ilẹ̀ rìn. Síbẹ̀ ẹ̀rín ni mo rín, mo ní, "Ẹ ṣe bí ẹ ti mọ̀, Ẹ̀gbọ́n." Ó da ti inú gíà nù, ó rọ pupa sí i. Orí ọ̀pá ìwọ̀n náà wà ní iwájú mi, wọ́n kọ lẹ́tà sí i lára gbàǹgbà, n kò sì kà á. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyẹn. N kò ní í fi pamọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi àti Bàbá forí lé Abẹ́òkúta. Bí mo ṣe gbéra, ọkọ̀ gbọ̀n jìgìjìgì. Mo rò pé ọ̀nà tí kò dára ló fà á. Nígbà tó yá, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í han lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. A dé ibi tí ọ̀nà ti gun òkè, mo tẹ iná, ẹ́ńjìnnì ké tòò, ọkọ̀ kò sì yára ju bó ṣe wà lọ. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Igbe nìkan ló pọ̀ sí i.

Bàbá, tí wọ́n fi nǹkan bo ojú kan fún, yí orí sí mi. "Ìwọ ọmọ yìí, kí lò ń ṣe fún ẹran ẹlẹ́ran tó ń ké báyìí?"

"Ọkọ̀ ni, Bàbá. Kò gbà."

"Ó gbà. Ẹ́ńjìnnì rẹ ń ṣiṣẹ́. Bẹ́líìtì ló ń yọ̀." Àgbẹ̀ ni Bàbá, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ nígbà kan. "Ọjọ́ tí epo dà sí bẹ́líìtì mi, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń pariwo nìyẹn, ẹ̀gẹ́ kan kò sì lọ̀. Bí mo bá tún tẹ̀ ẹ́, ńṣe ni bẹ́líìtì ń jóná."

Mo fẹ́ dá a lóhùn pé ọkọ̀ kì í lo bẹ́líìtì láti fi yí táyà. N kò tíì la ẹnu tí mo fi rántí lẹ́tà mẹ́ta tó wà lórí ọ̀pá yẹn, orúkọ irú gíà tó ń fi bẹ́líìtì ṣiṣẹ́. Mo kúrò lójú ọ̀nà, mo pa ẹ́ńjìnnì.

Mo pe Ẹ̀gbọ́n. "Ẹ máa wà á bẹ́ẹ̀," ó ní. "Tuntun ni ọ́ìlì yẹn ṣì jẹ́. Yóò mọ́ ọn lára."

"Kò ní í mọ́ ọn lára, Ẹ̀gbọ́n. Irin ló ń jẹ irin níbẹ̀."

Mo dá takisí tó mọ́ tónítóní dúró, mo sì bẹ awakọ̀ kó ti gíláàsì rẹ̀ pa. Ó gbé Bàbá lọ, ó mú un bọ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí n má ka òun mọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ méje ló kù mí kù.

Ẹ̀gbọ́n fi ọkọ̀ tirẹ̀ wá, ó sì mú okùn dání. Mo ní kò ní í fi okùn fa ọkọ̀ mi. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń pín ọ́ìlì kiri nínú gíà kò ní í ṣiṣẹ́, táyà iwájú yóò sì máa yí gíà ní gbígbẹ. "Ẹ ti wá ń kọ́ mi níṣẹ́," ó sọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ̀ akẹ́rù pẹrẹsẹ la fi gbé e, gbogbo táyà kúrò nílẹ̀, ó di Ìlaròó, ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tí kò níṣẹ́ méjì ju gíà lọ. Mo sì ní kí Ẹ̀gbọ́n bá mi lọ. Mo fẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i.

Ọ̀gá Ìlaròó kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ìyẹn dùn mí díẹ̀. Ó da ọ́ìlì pupa náà jáde, ó tú àwo abẹ́ gíà, ó sì pè wá.

"Mágínẹ́ẹ̀tì nìyí nísàlẹ̀ àwo. Òun ló ń mú ìdọ̀tí irin. Bí a bá rí ẹ̀rún tó ń dán níbí, púlì tí bẹ́líìtì ń yí lé lórí ti ha, ẹ máa wá gíà mìíràn." Ó fi ìka nù ún.

Bàbá ni mo ń rí lọ́kàn, nínú bọ́ọ̀sì, tó fi ọwọ́ bo ojú.

Ohun tó wà lórí ìka rẹ̀ jẹ́ eérú dúdú kíkúnná, bí ìdí ìkòkò. Kò sí ẹyọ kan tó dán.

"Ẹ tètè dúró," ó ní.

"Bàbá mi ló mọ̀ ọ́n," ni mo fèsì.

Ẹ̀gbọ́n kò tíì gbà. "Ọ̀gá, ọ́ìlì gíà ọ́tò, èyí tó ń pààrọ̀ ara rẹ̀, náà ṣáà ni mo rọ sí i. Ṣé èyí kì í ṣe ọ́tò ni?"

"Ọ́tò tí ẹ mọ̀, eyín gíà ló wà nínú rẹ̀, àti àwọn àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ nǹkan bíi páálí mọ́ lára. Wọ́n ń di ara wọn mú, wọ́n ń tú ara wọn sílẹ̀. Ọ́ìlì pupa, torí wọn ni wọ́n ṣe pò ó, kí ìdìmú wọn lè rọra wọlé. Èyí kò ní gíà kìíní, kò ní kejì. Púlì méjì àti bẹ́líìtì onírin ni. Púlì ń fẹ̀, ó ń fún, bẹ́líìtì ń gòkè, ó ń sọ̀. Irin lórí irin! Ọ́ìlì rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú un tutù, kó má jẹ́ kó jẹra, síbẹ̀ bí púlì bá fún un mọ́ra, kò gbọ́dọ̀ yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n pò sínú rẹ̀ fún ìyẹn, kò sí nínú pupa."

Ó ṣí agolo èyí tó tọ́. Ẹ̀gbọ́n ti na ìka sí i kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ó ra á, ó tún ra á.

"Eléyìí náà ń yọ̀ o!"

"Ìka yín rọ̀, Ẹ̀gbọ́n," ọ̀gá dá a lóhùn. " Kì í ṣe irin. Ẹ fi tọ́ọ̀nù kan tẹ̀ ẹ́, ẹ ó rí ìyàtọ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Ẹ̀gbọ́n pàápàá. Ìgbà yẹn ni ìbínú mi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, àmọ́ mi ò jẹ́ kó tán.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n rọ ọ́ìlì tuntun sí i, tí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n gbé ọwọ́ gíà láti ibì kan dé ibi kejì, tí wọ́n sì tún dà á nù, nítorí gbogbo ọ́ìlì àtijọ́ kì í jáde lẹ́ẹ̀kan, ibi ìpamọ́ rẹ̀ pọ̀. Wọ́n pààrọ̀ asẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni wọ́n tó fi í sílẹ̀, tí wọ́n wọn ìwọ̀n rẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, nígbà tó ti gbóná, tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì bínú pé òun ń gbé àkísà fún ẹlòmíràn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kàn, a gun òkè yẹn láìsí igbe. Bàbá ti sùn ká tó dé orí rẹ̀.

Ojú rẹ̀ jinná. Ọjọ́ tí wọ́n ní ó parí, ó ní ká yà sí abẹ́ igi máńgòrò ká kí Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n yọ̀, ó sì ṣí bónẹ́ẹ̀tì, bí ìṣe rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan orí ọ̀pá ìwọ̀n.

"Dúró ná," Bàbá sọ. Ó tẹ̀ síwájú, ó di ojú òsì, ó fi ọ̀tún nìkan wò ó fún ìgbà pípẹ́. "C," ó ní. "V." Ó nu lẹ́tà kẹta pẹ̀lú ìka kó lè rí i dáadáa. "T."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn. Ó sì yọ ọwọ́.