Bí Mo Ṣe Mú Ọmọ Trinidad Dọ̀bálẹ̀

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nílé ìròyìn orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan ní Toronto kò ní orúkọ tí ìyá mi lè fi yangàn. Mo máa ń kọ àpèjúwe sẹ́yìn àwòrán. Ẹni tí ojú rẹ̀ ríran kì í rí i. Ẹni tí kò ríran ló máa ń gbọ́ ọ, torí tí ẹ̀rọ tó ń ka ojú fóònù sókè fún un bá dé ibi tí àwòrán wà, ọ̀rọ̀ mi ni yóò kà. Alt text là ń pè é. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi, ó ní, "Wọ́n ń sanwó fún ìyẹn náà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí n má sì sọ fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Òfin iṣẹ́ náà kò pọ̀. Sọ ohun tó wà nínú àwòrán, pàápàá èyí tó kan ìròyìn náà. Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "àwòrán kan nìyí," torí ẹ̀rọ ti sọ fún wọn pé àwòrán ni. Má sọ ohun tí o kò rí. Èmi gan-an ni mo ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní òfin yìí, pẹ̀lú ìka nínà sókè bí olùkọ́ Sunday school.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo wà nínú tíréènì láti Oshawa, torí Courtice, ìlú kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni mò ń gbé, níbi tí ilé tuntun ti pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Ọ̀gá mi, òyìnbó obìnrin kan tí kì í kí ènìyàn kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, fi ìròyìn kan ránṣẹ́. Àwọn ayálégbé ilé alájà mẹ́wàá kan ní ìwọ̀ oòrùn Toronto ń bá onílé wọn jà nítorí eku. Àpèjúwe àwòrán nìkan ló kù kó tó jáde. Mo ṣí i lórí fóònù. Ojú ìwé tí a ti ń kọ ọ́ máa ń gé ẹ̀gbẹ́ àwòrán kó lè kéré, n kò sì tẹ̀ ẹ́ kó tóbi, torí kọfí wà lọ́wọ́ mi kejì. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán kò ju pé ayálégbé kan àti mánéjà ilé nìyí, nínú ilé ìdáná ayálégbé náà.

Ohun tí mo rí ni ọkùnrin dúdú kan tó nà gbalaja, tí àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Obìnrin kan tó wọ kóòtù gígùn dúró lókè orí rẹ̀. Kí ló tún kù? Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n orí Yorùbá ló bá mi rò ó: "Ayálégbé kan dọ̀bálẹ̀ níwájú mánéjà ilé, ó ń bẹ̀ ẹ́." Inú mi tilẹ̀ dùn. Mo ní òyìnbó wo ló lè mọ èyí, wọn ìbá kọ pé ó ṣubú ni. Ọ̀gá mi fi àwòrán àtàǹpàkò tó nà sókè ránṣẹ́ pé ó dáa, ìròyìn jáde, mo mu kọfí mi tán.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ní ẹnì kan ń bèèrè ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn àwòrán eku. Mo gbé fóònù, mo ní "Hello." Hello yẹn nìkan ti tó.

"Ọmọ Yorùbá ni ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

"Mo mọ̀! Mo sọ fún ara mi pé òyìnbó kò lè ba nǹkan jẹ́ báyìí."

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, glaucoma ló gba ojú rẹ̀, òun sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ayálégbé ilé náà. Ọkùnrin inú àwòrán ni aládùúgbò rẹ̀, ilẹ̀kùn wọn kọjú síra. Ọkùnrin náà ló yẹ kó sọ̀rọ̀ fún gbogbo wọn lọ́la, níwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ onílé àti ayálégbé.

"Fóònù mi ka ọ̀rọ̀ rẹ fún mi," ó ní. "Mo pè é, mo ní, ìwọ lọ bẹ obìnrin yẹn? Ó ní òun kò bẹ ẹnikẹ́ni. Mo ní irọ́ ló ń pa, ó wà nínú ìròyìn. Mo yọ ọ́ kúrò lẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ fún wa. Láti ìgbà náà kò kan ilẹ̀kùn mi mọ́. Ọmọ ọmọ mi wá dé láti Vaughan lónìí, mo ní kó wò ó. Ó ní, 'Grandma, he's not begging. He's shining a flashlight in a hole.'"

"Ẹ jọ̀ọ́ ma. Mo rò pé ọmọ Nàìjíríà ni."

"Ọmọ Trinidad ni! Níwájú ọba gan-an, kò lè dọ̀bálẹ̀. Èmi ni mo sọ fún un nígbà kan pé báyìí la ṣe ń tọrọ àforíjì nílé. Mo rò pé ó lọ lo ẹ̀kọ́ mi níbi tí kò yẹ."

Mo ṣí àwòrán náà tán pátápátá lórí kọ̀ǹpútà. Tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ihò sì wà lábẹ́ ògiri, ní ẹ̀gbẹ́ tí fóònù mi gé kúrò. Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Gbogbo ẹni tó ríran ni ọkùnrin yìí jẹ́ akọni lójú wọn. Àwọn tí mo ń gbowó oṣù nítorí wọn nìkan ni mo bà á jẹ́ lójú wọn.

Ọ̀gá mi ní kí n rọra yí i padà, ta ló máa mọ̀? Mo ní àwọn tó gbọ́ irọ́ náà ló máa mọ̀, kí a kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìròyìn pé a ṣe àṣìṣe. Ó mí kanlẹ̀, ó gbà.

Mo kọ tuntun, mo pe màmá náà padà, Auntie ni mo ń pè wọ́n báyìí, mo kà á fún wọn: "Ayálégbé kan dojú bolẹ̀, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò kan lábẹ́ ògiri. Mánéjà ilé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

"Kí ni mánéjà ń ṣe?"

"Ó dúró, ma."

"Mo gbọ́ pé ó dúró. Kí ló ń ṣe?"

Mo tún wò ó. "Ó ń wo fóònù rẹ̀."

Auntie ní, "Ọkùnrin yẹn wà nílẹ̀, ìyẹn ń wo fóònù. Ọjọ́ mẹ́ta ni gbogbo ilé yìí ti ń sọ fún mi pé àwòrán yẹn dáa, àwòrán yẹn dáa. Kò sí ẹni tó sọ ìdí tó fi dáa. Fi fóònù yẹn sí i."

Mo fi sí i. Wọ́n ní kí n má pa fóònù. Mo gbọ́ ọ̀pá wọn ní kọ́rídọ̀, mo gbọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí. "Tún un kà," ni wọ́n wí. Mo kà á lédè Gẹ̀ẹ́sì, ketekete, títí dé orí fóònù mánéjà. Nǹkan kan dún kì-kì nílẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń ṣẹlẹ̀?" ni mo bèèrè. N kò rí nǹkan kan.

Ọkùnrin náà ló dá mi lóhùn. "Ó wà nílẹ̀ níwájú mi. Eékún rẹ̀ méjèèjì ló wà lórí káàpẹ́ẹ̀tì. Ó di bàtà mi mú."