Ìbéèrè Àkọ́kọ́ Kì í Ṣe Òjò

Ẹnu mi mú láti kékeré, n ò ní purọ́. Ìyá mi a máa sọ pé ẹnu yìí ni yóò kó bá mi lọ́jọ́ kan. Ó kù díẹ̀ kó rí bẹ́ẹ̀ nínú gbọ̀ngàn kan ní Warehouse Road, lọ́jọ́ tí mo já àgbàlagbà níyàn lójú gbogbo èèyàn.

Lọ́dún yẹn, àwa tí à ń ṣe jọ́gíráfì nílé ìwé wa ní Ajégúnlẹ̀ kò ju mẹ́jọ lọ. Pírínsípà ti sọ fún tíṣà wa pé òun máa yọ jọ́gíráfì kúrò ní sáà tó ń bọ̀, àfi tí a bá gba ipò kìíní nínú ìdíje àwọn ilé ìwé Àpápá àti agbègbè rẹ̀. Bí jọ́gíráfì bá lọ, tíṣà wa náà lọ nìyẹn. Obìnrin yẹn kì í rẹ́rìn-ín, ẹnu tiẹ̀ sì mú ju tèmi lọ, síbẹ̀ mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, inú bí mi débi pé n kò lè jẹun.

Bó ṣe ń kọ́ wa nìyí. Á kọ ìgbóná oṣù méjèèjìlá àti òjò oṣù méjèèjìlá sójú pátákó, kò ní dárúkọ ìlú. Àwa la máa sọ irú ilẹ̀ tó jẹ́. Òjò ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ rò pọ̀. Ta ló máa bá wa wí? Tí òjò bá rọ̀ fún wákàtí méjì ládùúgbò wa, sálúbàtà á máa léfòó nínú yàrá. Tíṣà á fa ìlà pupa sórí ìwé wa, á ní ṣé òjò nìkan lọmọ Ajégúnlẹ̀ mọ̀ ni.

Ó ní oṣù tó gbóná jù lọ ni ká kọ́kọ́ wò. Tí ìgbóná rẹ̀ kò bá dé ìwọ̀n mẹ́wàá ti Celsius, ilẹ̀ òtútù ìpẹ̀kun ayé ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ká wá gbé òjò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbóná, ká mọ̀ bóyá ilẹ̀ gbígbẹ ni. Tí kì í bá ṣe ilẹ̀ gbígbẹ, ká wo oṣù tó tutù jù: tó bá dé méjìdínlógún, ilẹ̀ olóoru bíi tiwa ni, tí kò bá dé e, ká lọ wá a láàárín àwọn ilẹ̀ oníwọ̀ntúnwọ̀nsì àti àwọn tó tutù jù wọ́n lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó da ife omi kan sórí símẹ́ńtì nínú oòrùn, ó da òmíràn sábẹ́ àtẹ̀gùn. Ti inú oòrùn gbẹ kí á tó kọ iṣẹ́ wa tán. Nígbà tí wọ́n lu aago ilé, abẹ́ àtẹ̀gùn ṣì tutù. Ó ní òjò kékeré kì í dá sọ ilẹ̀ di aginjù, oòrùn tó ń mu ún ló kù ká bi.

Ọjọ́ ìdíje dé. Ó ku àwa àti ilé ìwé ńlá kan láti Àpápá, àwọn tí bọ́ọ̀sì tiwọn gbé wá. Máàkì wa dọ́gba, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Bàbá adájọ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kà á síta: oṣù tó gbóná jù lọ, ìwọ̀n mẹ́rin, òjò gbogbo ọdún, àádọ́jọ mìlímítà. Àwọn ará Àpápá tẹ aago wọn kíá, wọ́n ní aginjù. Bàbá adájọ́ wo ìwé ìdáhùn tó wà níwájú wọn, bàbá ní ó tọ̀nà. Ìpàtẹ́wọ́ sọ.

Mo wo tíṣà wa. Ó ti ń kó àwọn ìwé rẹ̀ sínú báàgì. Mo dìde, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá.

“Ẹ dákun, bàbá, ẹ má bínú. Oṣù tó gbóná jù níbẹ̀ kò dé mẹ́wàá. Ilẹ̀ òtútù ni, igi ò lè hù níbẹ̀. Kì í ṣe aginjù.”

Ẹnì kan lẹ́yìn mi pòṣé, ó ní ọmọ AJ, dem no get respect, pé àwa ọmọ Ajégúnlẹ̀ ò mọ ọ̀wọ̀. N kò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá yọ ìwé ńlá kan, wọ́n fi ìka tọ ìlà rẹ̀ lọ títí, wọ́n tún padà sókè. Ó pẹ́ bí ẹni pé a ò ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Wọ́n bọ́ ìgò ojú wọn.

“Ọmọ yìí ló gbà á. Èmi ni mo kọ ìdáhùn yẹn. Òjò ni mo kọ́kọ́ wò.”

Ha! Ẹ ò rí wa! A kọrin gba Creek Road délé, àwọn onítírélà ń fun fèrè fún wa láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo gbéra ga lọ́jọ́ yẹn, n ò sì tíì tọrọ àforíjì.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn ọmọ tó wá forúkọ sílẹ̀ fún jọ́gíráfì kún yàrá, àwọn kan dúró sẹ́nu ọ̀nà. Pírínsípà fúnra wọn ló ń bá wa gbé bẹ́ǹṣì wọlé. Tíṣà wa mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọjú sí pátákó, ó sì kọ ìgbóná oṣù méjèèjìlá síbẹ̀, kò dárúkọ ìlú.