Ibi Tí Ìdáhùn Bàbá Parí Sí

Ẹni tó bá ní iṣẹ́ gígé ohùn rọrùn, kó wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi lọ́jọ́ tí lánlọ́ọ̀dù mi ti géètì mọ́ èmi àti òun, tó sì ju kọ́kọ́rọ́ sápò ṣòkòtò rẹ̀.

Okokomaiko ni ṣọ́ọ̀bù mi wà nígbà náà, nígbà tí ọdún ẹgbẹ̀rún méjì ń kanlẹ̀kùn. Kò ní fèrèsé. Èmi fúnra mi ni mo fi búlọ́ọ̀kù dí i nítorí ariwo títì, mo sì fi fóòmù bo gbogbo ògiri. Bí iná bá lọ, ooru ibẹ̀ á máa gba èèyàn létí. Ìwàásù ni mò ń gbà sílẹ̀, àti orin ìjọ, àti ìpolówó ọjà fún àwọn oníṣòwò Àlàbá. Àlàbá náà ni mo ti ra kọ̀ǹpútà mi, tòkunbọ̀ ni, ó sì wú mi lórí ju bó ṣe yẹ lọ. Ohùn tí a ti ń fetí gbọ́ látọjọ́ táláyé ti dáyé, mo wá ń rí i lójú gíláàsì, ó ń lọ sókè-sódò bí ìgbì omi kékeré.

Bàbá tó bí lánlọ́ọ̀dù mi ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ọmọ onílùú Ọjọ́ ni Bàbá, ó sì kọ́lé síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún fún un, àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí n lọ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, kí wọ́n lè rí káṣẹ́ẹ̀tì pín fún àlejò. Èmi ni mo bi í léèrè, èmi náà ni mo di máíkì mú. Bàbá sọ̀rọ̀! Káṣẹ́ẹ̀tì méjì kún tojú-tẹ̀yìn. Ibi tó pa èèyàn lẹ́rìn-ín nìkan ni mo yọ fún àwọn àlejò. Mo tọ́jú odindi rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tó yá, Bàbá kú. Wọ́n sin ín tán, ọ̀rọ̀ ilé bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kékeré, tí kò bímọ, òun ló wẹ Bàbá, òun ló bọ́ ọ títí tó fi lọ, yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé náà ló sì ń gbé. Lánlọ́ọ̀dù mi, tó jẹ́ àkọ́bí, ní kó kó ẹrù rẹ̀. Obìnrin náà ní rárá o, Bàbá ti sọ̀rọ̀ yàrá òun sínú káṣẹ́ẹ̀tì, òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbà ìdílé wá fi àdéhùn sí i: kí wọ́n lọ gbé ìdáhùn Bàbá lórí ọ̀rọ̀ ilé wá, òun nìkan, torí àwọn ò lágbára àtijókòó gbọ́ odindi. Bó bá wà níbẹ̀, obìnrin náà á máa gbé inú yàrá rẹ̀. Bí kò bá sí, ìta ni.

Ọjọ́ ìpàdé àwọn àgbà gan-an ni lánlọ́ọ̀dù dé ọ̀dọ̀ mi. Ó wọlé, ó fa géètì, ó tì í.

"Màdáàmù, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọjú sí wa. Ẹ wá ìdáhùn yẹn fún mi, ká jọ máa lọ."

Mo so ẹ̀rọ káṣẹ́ẹ̀tì mọ́ kọ̀ǹpútà, mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹ jẹ́ kó yára. Mo ní sà, ẹ̀rọ yìí ò lè gbọ́ ju bí etí ṣe ń gbọ́ lọ, bí Bàbá ṣe sọ ọ́ náà ló máa wọlé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe jókòó. Bàbá sọ̀rọ̀ ẹja, ó sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, ó yin ọmọ rẹ̀ kejì tó mọ̀wé, ó fi àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Lánlọ́ọ̀dù tẹ̀ síwájú, ó fi ìgbọ̀nwọ́ lé orúnkún, òógùn ń já lójú rẹ̀, kò nù ún.

Nígbà tó yá, ohùn mi dé: "Bàbá, ilé yìí ńkọ́, lẹ́yìn yín?"

Bàbá mí kanlẹ̀. "Ilé yìí, ti àwọn ọmọ mi ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tà á."

Lẹ́yìn náà, ife kan tábìlì. Bàbá mumi, a gbọ́ ọ gbúú-gbúú lọ́nà ọ̀fun. Fáànù ń fẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n yàrá ẹ̀yìn méjèèjì, ìyàwó mi ló ni ín títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ẹni tó bá lé e, kì í ṣe ọmọ mi."

Mo wo ẹ̀yìn. Lánlọ́ọ̀dù ń wo gíláàsì kọ̀ǹpútà.

"Ẹ gé e níbi tí wọ́n ti mumi."

"Sà?"

"Ẹ bi wọ́n léèrè ilé, wọ́n dáhùn. Èyí tó kù, ọ̀rọ̀ mìíràn ni."

Mo ní, "Sà, ìdáhùn kan náà ni. Omi ni wọ́n dúró mu."

"Ta ló ni bàbá?" Ó fọwọ́ kan àpò tí kọ́kọ́rọ́ wà. "Ta ló sì ni ṣọ́ọ̀bù?"

Ẹ gbà mí! Ẹni tó bá ń gbé inú ilé onílé mọ bí irú ìbéèrè yẹn ṣe ń dùn létí. Mo yí padà sí kọ̀ǹpútà. Mo sàmì sí iwájú, níbi tí Bàbá ti mí kanlẹ̀, mo sàmì sí ẹ̀yìn, lẹ́yìn "tà á". Mo ṣẹ̀dà àárín rẹ̀ lọ sójú ewé tuntun, mo tẹ̀ ẹ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tá! Bàbá sọ̀rọ̀. Ó parí pẹ̀lú tá!

"Kí nìyẹn?" Lánlọ́ọ̀dù fò sókè.

Mo ṣàlàyé fún un. Ohùn kì í dúró jẹ́ẹ́. Bí Bàbá bá tilẹ̀ dákẹ́, fáànù ò dákẹ́, ìgbì rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń lọ sódò. Tí a bá gé e níbi tí ìgbì náà ga sí, sípíkà á ṣàdédé já láti òkè bọ́ sórí òfo, jíjá yẹn ló ń dún tá. Oògùn rẹ̀ là ń pè ní féèdì. Tó bá jẹ́ iwájú, a ó jẹ́ kí ohùn gùn wá díẹ̀díẹ̀ láti inú òfo. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn, a ó jẹ́ kó rọra rọlẹ̀ dé òfo. Kò gbọdọ̀ gùn, bí ìgbà téèyàn ṣẹ́jú péré, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á jẹ ọ̀rọ̀. Mo ṣe tiwájú fún un lójú ẹsẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, èémí Bàbá wọlé wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ó wà nínú yàrá pẹ̀lú wa.

"Ó dáa! Ẹ ṣe tẹ̀yìn."

Ọwọ́ mi wà lórí máòsì. Mo fẹ́ ṣe é, kí n má purọ́, torí mo fẹ́ kí géètì yẹn ṣí. Ọwọ́ mi ò gbà.

"Sà, mi ò ní ṣe tẹ̀yìn."

"Kí lẹ wí?"

"Ẹ ní kí n gé e níbí, mo gé e. Bàbá yín ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi féèdì sí i, ohun tí mò ń sọ fún àwọn àgbà ni pé Bàbá sọ̀rọ̀ tán, ó panu dé. Bàbá ò panu dé. Ẹ jẹ́ kó dún, kí ẹni tó bá létí gbọ́ pé ọ̀bẹ kan ibẹ̀."

Àfi bí ìgbà tí mo da epo síná. Ó ní òun á lé mi, òun á kó fóòmù mi síta, òjò á pa á. Ó ní obìnrin bíi tèmi ni kì í jẹ́ kí ọkùnrin sinmi. Mo ní ẹ lé mi, sà, mo ti gbọ́. Inú bí mi, ẹ̀rù sì bà mí, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ooru mú wa. Kò ṣí géètì, mi ò fọwọ́ kan máòsì. Ibi tí a jókòó sí nìyẹn, bí adìyẹ méjì nínú àgò kan, títí ó fi wo aago rẹ̀, tó pòṣé.

"Ẹ fi sínú káṣẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀. Wọ́n á rò pé káṣẹ́ẹ̀tì ló ti gbó. Ẹ̀yin náà lẹ máa wá tẹ̀ ẹ́."

Mo gbà á padà sínú káṣẹ́ẹ̀tì, mo fi odindi ti Bàbá sínú báàgì mi, a wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Ọjọ́.

Àwọn àgbà ti pé sí pálọ̀ Bàbá. Àbúrò Bàbá obìnrin ló dàgbà jù nínú wọn, òun ló sì jókòó sídìí rédíò oníkáṣẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó Bàbá wà nílẹ̀ nítòsí ẹnu ọ̀nà, ó ká ẹsẹ̀ kò, kò wojú ẹnikẹ́ni. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo tẹ káṣẹ́ẹ̀tì. Èémí Bàbá wọlé. Ẹnì kan bú sẹ́kún. "Ilé yìí, ti àwọn ọmọ mi ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tà á." Tá!

"Kí ló dún yẹn?" ìyá náà bèèrè.

"Káṣẹ́ẹ̀tì ló ti gbó, Mà," lánlọ́ọ̀dù dáhùn kíákíá.

Ìyá náà ò wò ó. Èmi ló kọjú sí. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ dé?"

Mo mọ ẹni tó ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́. Mo ní, "Ibẹ̀ ni mo ti gé e, Mà. Ọ̀rọ̀ wọn ò tíì tán."

"Èyí tó kù dà?"

Mo yọ ọ́ nínú báàgì. Wọ́n gbọ́ omi, wọ́n gbọ́ fáànù, wọ́n gbọ́ "ṣùgbọ́n", wọ́n sì gbọ́ ọ dé "kì í ṣe ọmọ mi". Ìyàwó Bàbá fi etí ìró bo ojú. Ìyá náà ní ó tán, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yọ obìnrin yìí lẹ́nu mọ́. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Lánlọ́ọ̀dù dìde, ó jáde.

Mo rò pé ó ti lọ. Àṣé ó dúró sídìí ọkọ̀, ó ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi. "Ẹ wọlé." Ẹsẹ̀ mi ò fẹ́, ṣùgbọ́n mo wọlé. Ó gbé gíláàsì sókè, a gba ojú títì. Mo ń retí èébú. Mo ń retí kó ní kí n kó jáde. A ti ré Ìyànà-Ìbà kọjá kó tó pè mí.

"Màdáàmù. Ẹ̀gbẹ́ káṣẹ́ẹ̀tì kan péré ni mo gbọ́ lónìí, àbí? Ó ku mẹ́ta."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Nínú àwọn tí mi ò gbọ́ yẹn..." Ó tẹjú mọ́ títì. "Ǹjẹ́ wọ́n mẹ́nu kàn mí?"

Mo ti gbọ́ káṣẹ́ẹ̀tì méjèèjì ju bí èèyàn ṣe ń gbọ́ orin lọ. Èmi ni mo gé e nígbà ọjọ́ ìbí. Bàbá sọ̀rọ̀ ọmọ kejì, ó sọ̀rọ̀ àbígbẹ̀yìn, ó sọ̀rọ̀ ajá kan tó ní nígbà èwe rẹ̀. Mo wá a lórí mi, tọkàntọkàn ni mo fi wá a, bóyá mo lè rí gbólóhùn kan, kó tilẹ̀ kéré.

"Rárá, sà," ni mo wí.

Ó mi orí. Ṣọ́ọ̀bù mi hàn lọ́ọ̀ọ́kán, a dé ibẹ̀, a ré e kọjá. Kò mọ̀. Ó kàn ń wa ọkọ̀ lọ síhà Ijanikin, omijé ń bọ́ sórí ìdarí ọkọ̀, èmi náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mi ò sì lè ní kó dúró.